Ìfiwéra géèmù mẹ́ta tí tọkọtaya lè jọ gbá lórí tẹlifíṣọ̀n kan

Ọ̀pọ̀ tọkọtaya tó fẹ́ ra géèmù tí wọn yóò jọ máa gbá lẹ́yìn iṣẹ́ ló máa ń béèrè èyí tó dùn jù. Lójú tèmi, ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wádìí ni bí géèmù náà ṣe ń ṣe nígbà tí ọwọ́ ẹnì kan bá yá ju ti ẹnì kejì lọ. Ẹ jẹ́ ká mú tọkọtaya kan ní Ilé-Ifẹ̀: ọkọ ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ó sì ti ń gbá bọ́ọ̀lù orí tẹlifíṣọ̀n láti ìgbà ọ̀dọ́, ìyàwó ń ta aṣọ ní Lágere, kò sì di pẹ́ẹ̀dì mú rí. PS4 tòkunbọ̀ ni wọ́n ní, iná sì lè lọ nígbàkígbà.

It Takes Two, tí iléeṣẹ́ Hazelight gbé jáde lọ́dún 2021, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ìtàn Cody àti May ni, tọkọtaya tó fẹ́ kọ ara wọn sílẹ̀ tí wọ́n sì di ọmọláńgidi. Ènìyàn kan kò lè dá a gbá, nítorí pé ohun tó wà lọ́wọ́ ẹnì kan kò wúlò láìsí ti ẹnì kejì. Ní apá ìbẹ̀rẹ̀, ìṣó ló wà lọ́wọ́ Cody, orí òòlù ló sì wà lọ́wọ́ May: Cody yóò ju ìṣó mọ́ pákó ara ògiri, May yóò fi òòlù kọ́ ọ, yóò sì fi í fò kọjá ọ̀gbun. Bí Cody bá pe ìṣó náà padà kí May tó kọjá, May á já bọ́, ẹ̀rín á sì sọ. Ẹni tó bá kú lè padà wá láìsí iye kan pàtó, àyàfi bí àwọn méjèèjì bá kú pọ̀ lójú ìjà ńlá, ìgbà náà ni wọn yóò padà sí ibi tí géèmù ti pa ìtàn mọ́ kẹ́yìn.

Ibi tó ti le ni pé wọ́n pín ojú tẹlifíṣọ̀n sí méjì, olúkúlùkù sì gbọ́dọ̀ máa fi àtàǹpàkò ọ̀tún darí ibi tí ojú rẹ̀ ń wò bó ti ń fi ti òsì rìn. Ohun tó máa ń da ẹni tuntun láàmú nìyẹn, kì í ṣe fífò. Ìyàwó wa lè sọ pé, “Bàbá Tòmíwá, ògiri nìkan ni mo ń rí o.” Kí ọkọ má gba pẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó fún un láyè láti rìn káàkiri níbi tí kò sí ewu títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ́ ọn.

Overcooked! 2, ti ọdún 2018, kò ní wàhálà yìí rárá, nítorí pé láti òkè ni ẹ̀yin méjèèjì ti ń wo ilé ìdáná kan náà. Ẹnì kan ń gé ẹja, ẹnì kejì ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà, ó sì ń fọ àwo. Ohun tí ẹ bá gbàgbé lórí iná á jóná. Aago ló ń lé yín, ìṣẹ́jú díẹ̀ sì ni ìpele kọ̀ọ̀kan. Bí iná bá lọ, ìpele kan péré lẹ ó tún gbá. Ṣùgbọ́n ìkánjú rẹ̀ máa ń sọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá di ọ̀gá tí ń pàṣẹ, èyí tí n kò gbà fún ẹni tó ti fi gbogbo ọjọ́ bá oníbàárà fà á.

Unravel Two, tí òun náà jáde lọ́dún 2018, ló rọ̀ jù. Àwọn ọmọ òwú méjì tí okùn kan so pọ̀ ni, ẹ̀gbẹ́ lẹ sì ti ń wò wọ́n. Bí ibì kan bá le fún ìyàwó, ọmọ òwú tirẹ̀ lè wọ inú ti ọkọ, kí ọkọ gbé e kọjá. Ó kúrú ju It Takes Two lọ, tí í máa tó wákàtí 12.

Fún àwọn méjì yìí, Unravel Two ni mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ rà, lẹ́yìn náà It Takes Two. Díìsìkì kan ṣoṣo tó fún tẹlifíṣọ̀n kan. Friend's Pass, tó ń jẹ́ kí ẹnì kejì bá yín gbá It Takes Two láìra tirẹ̀, wà fún ẹni tó wà nínú ilé mìíràn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta Split Fiction, géèmù mìíràn tí Hazelight ṣe, fún yín, nítorí pé kì í ṣiṣẹ́ lórí PS4. Pẹ́ẹ̀dì méjì lẹ nílò, àyàfi fún Overcooked! 2, tí ẹni méjì lè jọ fi pẹ́ẹ̀dì kan gbá. Kí ẹ tó sanwó fún pẹ́ẹ̀dì tòkunbọ̀, ẹ so ó mọ́ ẹ̀rọ, ẹ gbé e kalẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Bí ẹni inú géèmù bá ń rìn fúnra rẹ̀, ẹ dá a padà.