Páńẹ́ẹ̀lì aago iná oníàdírẹ́ẹ̀sì: nọ́ńbà rẹ̀ ò parọ́, orúkọ tí wọ́n kọ sí i ló tàn wá

Kọnfẹ́ńṣánà ni èyí tí a ń lò tẹ́lẹ̀. Àjà kọ̀ọ̀kan ilé wa jẹ́ ẹkùn kan, gbogbo sẹ́ńsọ̀ èéfín inú ẹkùn sì wà lórí wáyà kan náà. Bí ọ̀kan bá gba èéfín, á fa iná mànàmáná púpọ̀ sí i lórí wáyà yẹn, páńẹ́ẹ̀lì á sì tan iná ẹkùn náà. Èwo nínú sẹ́ńsọ̀ 18 ni? Kò mọ̀. Ẹsẹ̀ la fi ń wá a, yàrá dé yàrá, títí a ó fi rí èyí tí iná pupa kékeré ara rẹ̀ ń tàn. Nígbà kan, ẹnì kan sáré tẹ rísẹ́ẹ̀tì kí ariwo lè dákẹ́, gbogbo iná pupa bá kú. A ò mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ títí dòní.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ra oníàdírẹ́ẹ̀sì. Sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ lórí lúùpù, wáyà tó ti páńẹ́ẹ̀lì jáde tó sì yí padà sí i. Inú mi dùn sí i fún oṣù mẹ́ta.

Lóru ọjọ́ kan, ó ké. Ohun tó wà lójú rẹ̀ nìyí:

```
FIRE  ZONE 3
LOOP 1  DEV 047
STORE 2
```

Ọlọ́dẹ gba yàrá tí à ń pè ní STORE 2 báyìí lọ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́. Ó pè mí: "Ọ̀gá, kò sí nǹkan kan níbí o. Kò tilẹ̀ rùn." Ìṣẹ́jú mẹ́rin ti lọ. Mo wo àwòrán ẹkùn tó wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ páńẹ́ẹ̀lì: ẹkùn 3 ni apá ìlà-oòrùn àjà kejì. Mo ní kó gbàgbé orúkọ, kó wá gbogbo apá yẹn. Yàrá kẹta tó ṣí ni èéfín ti jáde: ṣájà bátìrì ló ń yọ́ lórí tábìlì. Ó fi sílíńdà kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì pa á.

Àwọn tó bá wa fi páńẹ́ẹ̀lì náà sí ti kọ orúkọ yàrá látinú àwòrán ilé àtijọ́, kí a tó sọ sítọ́ọ̀ yẹn di yàrá bátìrì. Nígbà tí mo pè wọ́n, ọkùnrin tó gbé fóònù ní, "Orúkọ tí ẹ fún wa la kọ." Mo bi í pé ta ló dúró lábẹ́ sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan kó fẹ́ èéfín sí i, kí ẹlòmíràn máa ka ojú páńẹ́ẹ̀lì? Ó dákẹ́. Ó gbé mi fún ẹlòmíràn, ìyẹn náà tún gbé mi fún ẹlòmíràn.

Ní ọjọ́ kejì, obìnrin kan wá látọ̀dọ̀ wọn. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Ẹ jẹ́ kí a jọ rìn ín." Ó fi agolo èéfín dán gbogbo 63 wò, ó ń ka nọ́ńbà lórí rédíò, èmi ń dá a lóhùn látìdí páńẹ́ẹ̀lì. Mẹ́rin ni orúkọ wọn ṣì. Ó tún wọn tẹ̀ lójú mi, ó sì tẹ àkọsílẹ̀ tuntun fún mi. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ jọjọ. N kò ní padà sí kọnfẹ́ńṣánà láéláé.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún.