Àgbéyẹ̀wò ìwé pélébé tó ń ṣàlàyé adójútòfò oko àgbàdo

Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ ni mí ní Òkè-Ògùn. Èmi ni mo ka ìwé pélébé yìí fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kí a tó sanwó, èmi náà ni wọ́n sì wá bá nígbà tí ọ̀dá òjò dé. N kò ní dárúkọ iléeṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́.

Ojú ewé méjì péré ni, lẹ́tà rẹ̀ tóbi. Ìṣirò inú rẹ̀ ló wù mí jù, torí àpò ni wọ́n fi ṣe é. Bí àgbàdo agbègbè kan bá máa ń tó àpò 20 lórí hẹ́kítà kan lọ́pọ̀ ọdún, àpò 14 ni ààlà: bí ìkórè agbègbè kò bá tó o ni wọ́n tó máa sanwó. Bí tọdún yìí bá já sí àpò 10 àtààbọ̀, àpò mẹ́ta àtààbọ̀ ló fi dín sí ààlà, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́rin àpò 14 náà. Ẹni tí wọ́n bá dójú tòfò ₦200,000 fún á gba ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀, ₦50,000. Àwọn bàbá tí kò kàwé rárá ń ṣàlàyé ìṣirò náà fún ara wọn.

Ibi tó ti bàjẹ́ ni gbólóhùn tí wọ́n kọ gàdàgbà sókè: "Bí oko yín bá bàjẹ́, a ó sanwó fún yín." Irú adójútòfò yìí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Oko wa kéré. Owó tí wọn yóò fi rán ènìyàn wá wo oko kọ̀ọ̀kan á ju owó tí à ń san lọ. Nítorí náà, oko díẹ̀ ni wọ́n ń mú lágbègbè kan. Wọ́n á fi okùn wọn ilẹ̀ mítà 8 sí mítà 5 nínú rẹ̀, wọ́n á kórè ibẹ̀, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á wá ṣírò ìpíndọ́gba rẹ̀ fún gbogbo agbègbè. Ìpíndọ́gba yẹn ni wọ́n ń fi wé ààlà.

Lọ́dún ọ̀dá náà, àwọn tó dáko sí àkùrọ̀ kórè dáadáa. Ti àwọn orí òkè olókùúta jóná. Ìyá kan kó àpò mẹ́fà péré. Ṣùgbọ́n ìpíndọ́gba agbègbè wa jẹ́ àpò 15, ó ju ààlà lọ, kò sì sẹ́ni tó gba kọ́bọ̀. Àwọn kan wá ní kí wọ́n dá owó àwọn padà bí ẹni gba àjọ. Ìwé náà kò sọ pé owó yẹn kì í padà.

Mo ti kọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó wà lókè ránṣẹ́ sí wọn: "A kì í wọn oko kọ̀ọ̀kan. Bí oko yín bàjẹ́ ṣùgbọ́n tí ti agbègbè dára, ẹ kò ní gba nǹkan kan. Bí iná tàbí màlúù bá ba oko yín nìkan jẹ́, ètò yìí kò kàn án." Kí ẹni tó bá ń pín in bi àgbẹ̀ léèrè lẹ́yìn kíkà pé: "Bí kòkòrò bá jẹ oko tiyín nìkan ńkọ́?" Bó bá ní wọ́n á sanwó, ìwé náà kò tíì yé e, kò sì yẹ kí wọ́n gba owó rẹ̀.

Èmi ṣì máa san tọdún tó ń bọ̀, torí ọ̀dá tó bá mú gbogbo agbègbè ni ètò yìí wà fún. Àmọ́ kí wọ́n kọ orúkọ àwọn abúlé tí wọ́n kó pọ̀ mọ́ wa sínú ìwé náà, ká lè mọ̀ bóyá wọ́n ṣì kó àkùrọ̀ àti orí òkè pọ̀ ká tó sanwó.