Ẹ má fi fọ́tò ra oyin bí mo ṣe rà á o, ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́

Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí, inú sì ń bí mi. Ìgò oyin mẹ́rin ni mo rà lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń polówó lórí Wásáàpù. ₦7,000 ni ìgò kan, ₦28,000 lápapọ̀, owó ọ̀kadà lọ́tọ̀. Ìsọmọlórúkọ ọmọ àbúrò mi ni mo torí rẹ̀ rà á. Níwájú ẹbí, níwájú àna, bàbá wa kan tí wọ́n ti ń kó oyin nínú igbó láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn fi ìka tọ́ ọ wò, wọ́n ní, "Ta ló se ṣúgà wá síbí?" Gbogbo ojú bá yí sọ́dọ̀ mi. (Nọ́ọ̀sì ẹbí wa ò tiẹ̀ jẹ́ kí wọ́n fi kan ẹnu ọmọ. Wọ́n ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ jẹ oyin rárá, ìbáà jẹ́ oyin ìgàn.)

Ohun tó dùn mí jù ni pé oyin gidi wà ládùúgbò wa. Màmá kan tí wọ́n máa ń gbé e wá láti ọ̀nà Ìgbẹ́tì ti fi ìgò kan hàn mí. Ó ti dì láti ìsàlẹ̀ dé ìdajì, ó funfun bí òrí. Èmi wá la ẹnu, mo ní, "Ẹ̀yin Màmá, ṣúgà ló sùn sísàlẹ̀ yìí." Mo sọ bẹ́ẹ̀ sí àgbàlagbà! Màmá kàn wò mí, wọ́n gbé ìgò wọn.

Oyin ìgàn máa ń dì. Glúkóòsì tó wà nínú rẹ̀ ló ń dì, pàápàá nígbà ọyẹ́, tí ẹ bá sì gbé ìgò náà sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, yóò yọ́ padà. Òmíràn kì í tètè dì, bẹ́ẹ̀ oyin náà ni. Dídì rẹ̀ kò sọ ọ́ di ṣúgà, àìdì rẹ̀ kò sì sọ ọ́ di ojúlówó. Ta ló sọ èyí fún mi? Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Fọ́tò ọkùnrin yẹn ń dán, ó mọ́ kedere bí tíì tí wọ́n gbé síwájú oòrùn, kò sí èérún kan nísàlẹ̀, mo ní ojúlówó nìyí. Ṣúgà tí wọ́n yan díẹ̀ kí wọ́n tó fi omi sè é lè ní àwọ̀ yẹn gan-an. Oyin gidi fúnra rẹ̀, òdòdó tí kòkòrò oyin lọ ló ń pinnu àwọ̀ rẹ̀, ó lè pọ́n, ó lè dúdú. Ká má tíì sọ ti fóònù tó ń tún àwọ̀ fọ́tò ṣe.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀pọ̀ ló mú mi o. Iye tí Màmá pè ni ọkùnrin yẹn náà pè.

Ẹ gbọ́ èyí tó ń bí mi nínú jù. Ẹ̀rí wà lára lébẹ́ẹ̀lì, ọjọ́ méjì ni mo fi ń wo fọ́tò náà! Wọ́n kọ "75cl" sí i, wọ́n kọ "750g" sábẹ́ rẹ̀. Omi ló ń wọ̀n bẹ́ẹ̀. Oyin wúwo ju omi lọ: lítà kan rẹ̀ tó nǹkan bíi gíráàmù 1,400, nítorí náà ìgò 75cl yẹ kó gba bíi 1,050. Ẹni tó kọ 750 kò gbé oyin sórí ìwọ̀n rí. Mo gbé ìgò kan tí a ò tíì ṣí lọ sọ́dọ̀ ìyá oníbúrẹ́dì: 1,310. Mo dà á sínú abọ́, mo ṣan ìgò, mo gbẹ ẹ́, mo wọ̀n ọ́n: 350. Omi ṣúgà 960 ni mo san ₦7,000 lé lórí! Ọkùnrin yẹn sì fi fídíò ránṣẹ́ sí mi tẹ́lẹ̀, pé wò ó bó ṣe rì sísàlẹ̀ omi láì tú ká. Omi ṣúgà tó bá ki náà ń rì. Olè!

Ẹ ní kí wọ́n ya lébẹ́ẹ̀lì súnmọ́tòsí. Ẹ wo ìwọ̀n, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ èròjà sí: oyin nìkan ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n níṣojú yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá se ṣúgà rẹ̀ títí tó fi ki dáadáa lè mú un wúwo bí oyin, ilé àyẹ̀wò nìkan ló lè tú ìyẹn fó. Èmi ò gba olóyin kankan gbọ́ mọ́, àfi Màmá.

Mo ti lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Ọkùnrin yẹn ti dí nọ́ńbà mi, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi fi hàn mí lánàá pé ó tún gbé fọ́tò tuntun síta, lébẹ́ẹ̀lì kan náà, "750g" kan náà.