Búlọ́ọ̀kù, bíríkì sísun àti búlọ́ọ̀kù yẹ̀pẹ̀: mo lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ilé kan

Ilé oníyàrá méjì tí mo kọ́ sí ẹ̀yìn Mọ́níyà, n'Ìbàdàn, ló sọ mí di ẹni tó mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. N kò gbèrò rẹ̀ bẹ́ẹ̀ o. Owó ló ń tì mí láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì.

Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì ínṣì 9 ni mo fi ṣe ìpìlẹ̀. Nǹkan bí 10 ló ń kún mítà kan níbùú àti lóròó, ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ rẹ̀ fi máa ń yá. Àmọ́ èyí tí mo kọ́kọ́ rà, tí mo bá fi ìṣó ha á, ṣe ló ń dà bíi gààrí. Wọ́n ti fi àpò sìmẹ́ńtì kan mọ ohun tó lé ní 40, oòrùn ló sì gbẹ ẹ́. Mo ní kí wọ́n wá mọ òmíràn lójú mi, sìmẹ́ńtì kan sí iyanrìn mẹ́jọ. Àpò kan mú ogún ó lé díẹ̀ jáde, a sì ń wọ́n omi sí i fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìṣó kò ràn án mọ́.

Ògiri ilé fúnra rẹ̀, yẹ̀pẹ̀ pupa ilẹ̀ mi ni mo fi ṣe é, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀ tí mo háyà. Ibí ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́ jù. Àwọn tí a kọ́kọ́ tẹ̀ sán nígbà tí wọ́n ń gbẹ. Mo bu yẹ̀pẹ̀ sínú ìgò, mo da omi lé e, mo mì í dáadáa, mo sì fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì: amọ̀ tó wà lókè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Ó ti pọ̀ jù. A po iyanrìn mọ́ ọn, a fi sìmẹ́ńtì kan sí méjìlá rẹ̀, sísán náà sì dáwọ́ dúró. Láti mọ bí omi ṣe yẹ kó pọ̀ tó, a ń di yẹ̀pẹ̀ tí a ti pò náà ní ẹ̀kún ọwọ́, a ń jẹ́ kó já bọ́ láti èjìká. Tó bá fọ́ sí mẹ́rin márùn-ún, ó dára. Tó bá túká bí eruku, omi kéré. Tó bá pẹlẹbẹ sílẹ̀ láìfọ́, omi pọ̀. Lẹ́yìn náà, a fi ọ̀rá bò wọ́n mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ 7, a sì dúró di ọjọ́ 28 kí a tó fi kọ́lé. Ìlà ìsàlẹ̀ nìkan la lo mọ́tà sí. Ìyókù wọnú ara wọn.

Bíríkì sísun ló dùn ún wò jù, ìdí nìyẹn tí mo fi fi ṣe ògiri fàráńdà. Tí ẹ bá kan méjì pọ̀, kí ó dún gan-an bí irin. Èyí tó dún bí igi kò jinná. Àmọ́ nǹkan bí 60 ni mítà kan ń gbà, ọ̀pọ̀ sì fọ́ lójú ọ̀nà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bíríkìlà pè mí: “Ọ̀gá, ẹ wá wò ó, bíríkì yìí ti mu omi mọ́tà tán, ó ń yẹ̀ dànù.” Láti ìgbà náà la ti ń rì í sínú omi kí a tó tò ó.

Yàrá inú kì í gbóná, n kò sì rẹ́ ògiri níta. Ibì kan ṣoṣo ló dùn mí: mo gé etí òrùlé kúrú lápá ìlà-oòrùn kí n lè dín páànù kù. Òjò ń ta láti ilẹ̀ sára ìlà ìsàlẹ̀, ó sì ti jẹ ẹ́ wọnú bí ìka kan. Mo ti ń gbé páànù náà jáde síwájú díẹ̀díẹ̀ láti oṣù tó kọjá.