Ọ̀pá sẹ́ńsọ̀ àti ìmọ̀ràn orí fóònù: ohun tí ojú mi rí lóko àkùrọ̀ ní Mọníyà

Oṣù mẹ́sàn-án rèé tí mo ti ra ọ̀pá sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n ń kì bọ ilẹ̀ láti fi mọ̀ bóyá omi ṣì wà níbẹ̀. ₦25,000 ni mo rà á, mo sì ń san ₦1,000 lóṣù fún àtẹ̀jíṣẹ́ ìmọ̀ràn tó bá a rìn. Oko mi kò tó éékà kan. Àkùrọ̀ ni, lẹ́bàá odò kékeré kan lẹ́yìn Mọníyà, n'Ìbàdàn níbí. Tòmátì ni mo ń gbìn níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Pọ́ǹpù kékeré ni mo fi ń fa omi, owó bẹntiróòlù ló sì gbé mi dé ìdí sẹ́ńsọ̀. Mi ò fẹ́ máa sun epo lórí ilẹ̀ tí kò tíì gbẹ.

Ọmọkùnrin tí àwọn tó tà á fún mi rán wá gbìyànjú láti kì í bọ apá òkè oko. Ó kan òkúta wẹ́wẹ́, ló bá gbé e lọ sí ìsàlẹ̀ lẹ́bàá odò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ibí ló máa wọlé dáadáa." Ó sì wọlé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ oko mi kì í ṣe oríṣi kan: iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ ló wà lókè, ilẹ̀ dúdú tó pọ̀ ní amọ̀ ló wà nísàlẹ̀. Ọ̀pá kan ṣoṣo ló sì fẹ́ máa sọ̀rọ̀ fún àwọn méjèèjì.

Ní oṣù kìíní ọdún, áàpù orí fóònù tó ń gba nọ́ńbà ọ̀pá náà kọ 41, àwọ̀ ewé ló sì ń tàn, tó túmọ̀ sí pé omi wà. Mo fọkàn balẹ̀. Nígbà tó di aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kejì, ewé tòmátì apá ìsàlẹ̀ ti sorí kọ́. Tó bá jẹ́ oòrùn ọ̀sán ló mú kí ewé rọ, á ti nà padà kílẹ̀ tó mọ́. Tèmi ò nà. Ẹ̀rù bà mí pé àrùn tó ń pa tòmátì lójijì ló dé. Mo gé igi ọ̀kan nítòsí gbòǹgbò, mo fi ojú ibi tí mo gé sínú ife omi tó mọ́ gaara, mo sì dúró ṣẹ́jú díẹ̀. Tó bá jẹ́ àrùn yẹn ni, ẹ óò rí ohun funfun bíi wàrà tó ń ṣàn wálẹ̀ bí òwú látinú igi náà. Kò sí nǹkan kan. Òǹgbẹ ló ń gbẹ ẹ́.

Báwo ni òǹgbẹ ṣe ń gbẹ ohun tó wà lórí ilẹ̀ tí sẹ́ńsọ̀ ní omi wà nínú rẹ̀? Mo fi ọkọ́ gbẹ́lẹ̀ wò. Omi wà níbẹ̀ lóòótọ́, amọ̀ ṣì ń lẹ̀ mọ́ mi níka. Ṣùgbọ́n amọ̀ máa ń di omi mú ṣinṣin, tó bá sì kù díẹ̀, gbòǹgbò kò ní lè fà á mọ́. Iyanrìn kì í di omi mú bẹ́ẹ̀, èyí tó kù díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣì ṣeé mu. Sẹ́ńsọ̀ ń sọ iye omi tó wà, kò mọ èyí tí gbòǹgbò lè rí mu.

Ìgbà yẹn ni mo tó wá mọ ohun tí nọ́ńbà náà jẹ́ gan-an. Mo gbé ọ̀pá sókè nínú afẹ́fẹ́ lásán, ó kọ 0. Mo kì í bọ ife omi, ó kọ 100. Nítorí náà 41 kò túmọ̀ sí pé ìdá mọ́kànlélógójì nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ náà ni omi. Àyè kan láàárín afẹ́fẹ́ àti omi ni. Áàpù ti fi ìlà pupa sí 30, ó sì fi ẹyọ ìlà yẹn ṣe ti gbogbo ilẹ̀.

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọn tèmi. Mo bu ilẹ̀ ìsàlẹ̀, mo yan án nínú agbada lórí iná tó rọra ń jó títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi dín kù mọ́ lórí òṣùwọ̀n. Mo wọn kílò méjì rẹ̀ sínú ike, mo ń da omi sí i ní 100 mililítà lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo pò ó pọ̀ dáadáa, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ó le bíi ti oko, mo ki ọ̀pá bọ̀ ọ́, mo sì kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Nígbà tí omi di 300, ó kọ 41, nọ́ńbà tí tòmátì mi fi sorí kọ́ gan-an. Ní 400, ó kọ 53. Mo ṣe ilẹ̀ òkè bákan náà: 100 kọ 22, 200 kọ 36. Ẹ wò ó: ìlà 30 yẹn dára fún iyanrìn òkè, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ tó dé 30, tòmátì á ti kú. Láti ọjọ́ náà, mi ò wo àwọ̀ mọ́. Tí ìsàlẹ̀ bá ti kọ 53, mo tan pọ́ǹpù.

Lókè tí òkúta wà, àyè afẹ́fẹ́ máa ń kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá, á sì máa parọ́ pé ilẹ̀ ti gbẹ. Ohun tó gbà mí ni pé mo fi àdá la ihò tóóró, mo po ilẹ̀ ibẹ̀ náà mọ́ omi bí ẹ̀kọ, mo dà á sínú ihò kí n tó ki ọ̀pá bọ̀ ọ́. Ẹ dúró dìgbà tí omi yẹn bá rìn lọ kí ẹ tó gba nọ́ńbà rẹ̀ gbọ́, ó tó ọjọ́ méjì.

Àtẹ̀jíṣẹ́ ló dùn mí jù. Láìsí àmì ni wọ́n ń kọ Yorùbá ránṣẹ́. Mo mọ ìdí rẹ̀: àtẹ̀jíṣẹ́ kan máa ń gba lẹ́tà 160, ṣùgbọ́n tí ẹyọ ọ̀kan tó ní àmì nísàlẹ̀ bá wọ inú rẹ̀, 70 péré ló máa gbà, owó á sì lé sí i. Àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí èmi àti ìyá kan tí oko wa jọ pààlà: "E ma bu omi rin in." Mo kà á sí "Ẹ má bu omi rin ín." Ọmọ ìyá náà kà á fún wọn sí "Ẹ máa bu omi rin ín," ìyá sì bu omi sí i fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n tún kọ "E fi ajile si leyin ojo 2." Ṣé òjò méjì ni àbí ọjọ́ méjì? Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀tọ̀ pátápátá ni méjèèjì. Mo pè wọ́n pé kí wọ́n máa fi ohùn ránṣẹ́ sí wa, nítorí ìyá yẹn kò tiẹ̀ lè kà á fúnra wọn, ọmọ wọn ló ń kà á fún wọn. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́.

Ọ̀rọ̀ òjò wọn náà kò ràn mí lọ́wọ́. "Ìbàdàn" ni wọ́n ń kọ, ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá ló sì wà n'Ìbàdàn. Òjò lè gbá Ṣáléǹjì lọ kí ẹ̀kán má kán ní Mọníyà.

Ní oṣù kẹrin, ọ̀pá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ 80 lórí ilẹ̀ tí mo fojú rí pé ó ti gbẹ. Mo gbé e sínú afẹ́fẹ́, kò kọ 0 mọ́. Omi ti gba etí rẹ̀ wọlé. Mo sá a fún ọjọ́ mẹ́rin, mo fi kútẹ́ẹ̀sì ìyàwó mi kun gbogbo etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo fi ọ̀rá di orí rẹ̀, ó sì padà bọ̀ sípò. Ẹni tó bá ra tuntun, kí ó kun etí rẹ̀ kí ó tó kì í bọ ilẹ̀ rárá, kí ó sì máa dán an wò nínú afẹ́fẹ́ lóṣooṣù.

Owó àtẹ̀jíṣẹ́ mi parí lóṣù tó kọjá, mi ò san án mọ́. Mo fi owó náà kún ti ọ̀pá kejì tí màá kì bọ òkè. Èyí tó wà nísàlẹ̀ kọ 57 láàárọ̀ yìí, mi ò tan pọ́ǹpù.