Maṣíìnì ìtẹ̀ka lásán àbí oníkáàdì: èwo ni kẹ́ ẹ rà?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ nílé gàrí tàbí ṣọ́ọ̀bù, tẹ́ ẹ fẹ́ káwọn òṣìṣẹ́ máa tẹ̀ka wọlé, méjì ni wọ́n máa gbé síwájú yín. Ti àkọ́kọ́, èèyàn á kàn gbé ìka lé e, á wá a láàárín gbogbo ìka tó wà nínú ẹ̀. Ti èkejì, wàá kọ́kọ́ fi káàdì kàn án, ìka tìẹ nìkan ló sì máa yẹ̀ wò. A ti lo méjèèjì n'Ìjẹ̀bú-Igbó. Ti àkọ́kọ́ dínwó, ọ̀rọ̀ iná ò yàtọ̀.

Ibi tó ti dùn wá rèé o. Ọ̀bẹ àti omi ẹ̀gẹ́ ti jẹ ìlà ìka àwọn ìyá tó ń bẹ́gẹ̀ẹ́, láàárọ̀ wọ́n á tò síwájú maṣíìnì, á ní òun ò mọ̀ wọ́n. A pe ẹni tó tà á fún wa, ó dé, ó dín bí ìka ṣe gbọ́dọ̀ jọra tó kù, gbogbo ayé sì ń wọlé, àfi bá a ṣe rí i pé obìnrin kan tẹ̀ka, orúkọ ẹlòmíì tó wà nílé ló jáde, a sì ti sanwó ọjọ́ yẹn fún un! Bẹ́ ẹ bá dẹ̀ ẹ́ kó má lé onílé, á máa gba àlejò. Bẹ́ ẹ bá fún un le, á máa lé onílé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní ó ń ṣi èèyàn gbà lẹ́ẹ̀kan nínú ìfiwéra 10,000. Tẹ́ ẹ bá ní òṣìṣẹ́ 40, ìka àlejò kan ṣoṣo, ìgbà 40 ló máa fi wé e, ó ti di bí ẹ̀ẹ̀kan nínú 250 nìyẹn. Oníkáàdì, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń fi wé e, ẹ lè dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ fáwọn ìyá láìsí wàhálà. Ìka tó bá ti jẹ jù ṣì máa yọnu ṣá, ẹ forúkọ ìka méjì sílẹ̀ fún wọn, kẹ́ ẹ sì ní nọ́ńbà àṣírí fẹ́ni tó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ mú ẹni tí ìka ẹ̀ jẹ jù lọ dání lọ dán an wò.

Ti ibi tó ń kó ìka pa mọ́ sí, kì í ṣe fọ́tò ló sábà máa ń tọ́jú, ibi tí ìlà ìka ti pín àti ibi tó ti parí ló ń kọ bíi nọ́ńbà. Ìyẹn náà ṣì léwu tí wọ́n bá jí i. Lọ́dún 2015, wọ́n jí àkọsílẹ̀ ìka ọwọ́ èèyàn bíi mílíọ̀nù 5.6 lọ́dọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà. Páswọ́ọ̀dù, ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n inú oyún ni ìlà ìka ti wá, ó ta gbòǹgbò sísàlẹ̀ awọ, kódà tọ́wọ́ bá bó, bó ṣe wà náà ló máa padà hù. Mẹ́wàá péré la sì ní.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ràn oníkáàdì tí ìka wà nínú káàdì gangan: tó bá sọnù, ti ẹnì kan ló sọnù. Ẹ bi wọ́n léèrè dáadáa, torí ọ̀pọ̀ káàdì olówó pọ́ọ́kú, nọ́ńbà lásán ló wà níbẹ̀, ìka ṣì wà nínú maṣíìnì. Tó bá jẹ́ èèyàn márùn-ún péré lẹ ní, tí ìka wọn sì dán, ti àkọ́kọ́ náà á ṣe é, kẹ́ ẹ ṣáà ní kí wọ́n fi bẹ́ ẹ ṣe máa pa ìka ẹni tó bá kúrò níṣẹ́ rẹ́ hàn yín kí wọ́n tó lọ.