Epo pupa àti àdín nígbà ọyẹ́

Ẹyìn kan náà ló bí àwọn méjèèjì, àmọ́ tí ọyẹ́ bá mú ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ìwà wọn kì í bára mu. Ara ẹyìn ni epo pupa ti wá, inú èkùrọ́ ni àdín ti wá.

Nínú epo pupa, ọ̀rá líle àti ọ̀rá rírọ̀ ló lú pọ̀. Ní bíi 20°C, nǹkan bí ìdá mẹ́rin kan rẹ̀ ti dì di hóró wẹ́wẹ́, ìyókù ṣì ń ṣàn láàárín wọn. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń ki bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì. Tí oòrùn ọ̀sán bá gbé e dé 30°C, hóró díẹ̀ ṣì máa ń kù níbẹ̀. Ó di bíi 35 sí 40 kó tó yọ́ tán.

Àdín le ju bẹ́ẹ̀ lọ ní 20°C, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rá inú rẹ̀ jọra. Nítorí náà, kó tó dé 30°C, gbogbo rẹ̀ ti yọ́.

Tẹ́ ẹ bá ń tà á, epo pupa ló lè dá wàhálà sílẹ̀. Tí kẹ́ẹ̀gì bá tutù díẹ̀díẹ̀, hóró á rì sísàlẹ̀: oníbàárà àkọ́kọ́ á gba èyí tó ṣàn, ẹni ìkẹyìn á gba èyí tó dì, á sì ní ẹ ti lú u. (Dídì nìkan ò fi hàn pé wọ́n lú epo.) Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì náà sínú omi gbígbóná títí gbogbo rẹ̀ á fi yọ́, kẹ́ ẹ rò ó dáadáa, kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n.